Bí a ṣe ń fi sikánà kékeré ka kóòdù mọ́tò: P0171 lórí Corolla, láti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì dé ìdí họ́ọ̀sì tó ya

Iná ṣẹ́kì-ẹ́ńjìnì ni iná kékeré aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ya bí ẹ́ńjìnì sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá tàn tí kò kú mọ́, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń ṣe. Àwọn kan á ní kí rìwáyà yọ orí bàtìrì kí iná náà lè kú. Àwọn mìíràn á gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní sikánà, kóòdù kan á jáde, wọ́n á sì lọ ra páàtì tí orúkọ rẹ̀ bá jọ ohun tí wọ́n kà. Ti àkọ́kọ́, iná á tún tàn kó tó pẹ́. Ti ìkejì, owó á lọ, iná á tún tàn.

Ìdí ni pé sikánà kì í dárúkọ páàtì tó bàjẹ́. Ohun tí bíréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, rí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ló ń sọ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lẹ máa wá ohun tó fà á. Kóòdù kan ṣoṣo la máa fi kọ́ ọ níbí, ìyẹn P0171, lórí Toyota Corolla 2005 tó jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì 1.8. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tọpa kóòdù yìí á lè tọpa púpọ̀ nínú àwọn tó kù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú o. Bí iná náà bá tàn gbirin láìṣẹ́jú, ẹ ṣì lè wa mọ́tò dé ibi tí ẹ ti máa kà á. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣẹ́jú, tí ẹ́ńjìnì sì ń gbọ̀n, ó túmọ̀ sí pé epo kan ń jáde láìjóná, ó sì ń lọ jóná nínú sàlẹ́ńsà. Ẹ rọra gba ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ paná. Kì í ṣe mọ́tò tí wọ́n á gbé gun òkè Ẹ̀fọ̀n ní ipò yẹn.

Irú sikánà tí ẹ máa rà

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà fún ẹni tí kò fẹ́ náwó púpọ̀. Ọ̀kan ní okùn àti ojú tirẹ̀, kò nílò fóònù. Ẹ kàn máa fi í sí ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù ni, kóòdù á jáde lójú rẹ̀. Èkejì ò ju páálí ìṣáná lọ, ELM327 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára, fóònù yín ló sì máa jẹ́ ojú rẹ̀. Èkejì yìí ló rọ̀ jù lówó, òun la sì máa lò. Orúkọ tí ẹ máa rí lójú oríṣi méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Bí fóònù yín bá jẹ́ Android, èyí tó ń lo Bluetooth lásán ti tó. Bó bá jẹ́ iPhone, ti Bluetooth lásán kò ní bá a sọ̀rọ̀ rárá. Èyí tó ń lo Wi-Fi, tàbí èyí tí wọ́n kọ Bluetooth LE sí lára, ni kí ẹ rà. Ayédèrú pọ̀ nínú nǹkan kékeré yìí. Òmíràn á tan iná, á so mọ́ fóònù, ṣùgbọ́n kò ní rí mọ́tò. Òmíràn á já láàárín iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi dán mọ́tò kan wò lójú yín kí ẹ tó sanwó. Ní ti áàpù, Car Scanner ELM OBD2 ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí Torque bí fóònù bá jẹ́ Android. Èyí tí wọn kì í gbowó fún sábà máa ń tó fún ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ṣé mọ́tò yín á gbà á? Gbogbo mọ́tò ilé tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ètò yìí. Nílẹ̀ Yúróòpù, 2001 ló di dandan fún mọ́tò oní-pẹtiróòlù, 2004 fún oní-dísẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí mọ́tò yín ti wá, ẹ wo nọ́ḿbà gígùn tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó; 2 ni ti Kánádà; J ni ti Japan. Ẹ kíyè sí mọ́tò ayé ijọ́un tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan tàbí Yúróòpù: sọ́kẹ́ẹ̀tì náà lè wà níbẹ̀ kí sikánà wọlé rẹ́rẹ́, kí èdè tí mọ́tò ń sọ má sì bá ti sikánà mu.

Fífi í sí ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù

Ẹ paná ẹ́ńjìnì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ sílẹ̀, ẹ lóṣòó síta, kí ẹ wá tẹ orí wọ inú lọ́nà tí ẹ fi lè rí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá jókòó sórí síìtì kò ní rí i. Ẹ tan iná fóònù sí i. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà lókè ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì, ojú rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Ihò 16 ló ní, mẹ́jọ lókè, mẹ́jọ nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan sì fẹ̀ ju èkejì lọ. Torí fífẹ̀ yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni sikánà lè gbà wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹ yí i padà, ẹ má fi agbára tì í, torí irin tó wà nínú rẹ̀ tinrín, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Bó bá bá ọ̀nà mu, ẹ wá tì í dópin. Èyí tó bá wọlé ní ìlàjì, tó ń mì, ló máa ń já láàárín iṣẹ́.

Ọ̀kan nínú ihò náà, ìkẹrìndínlógún, ń gba iná tààrà láti orí bàtìrì. Ìdí nìyẹn tí iná ara sikánà fi gbọ́dọ̀ tàn bí ẹ bá ti fi í síbẹ̀, kódà bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní àpò yín. Bí kò bá tàn, ẹ má tíì sọ pé sikánà ti bàjẹ́. Ẹ wo fíúùsì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, OBD ni wọ́n kọ síbi tirẹ̀ lára ìdérí àpótí fíúùsì. Bó bá ti jó, ẹ fi irú nọ́ḿbà tó wà lórí ti àkọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi èyí tó ga jù ú lọ, ẹ má sì fi wáyà dí i. Ìdí kan náà yìí ló fi yẹ kí ẹ máa yọ sikánà bí ẹ bá ti parí. Bó bá wà níbẹ̀ lóru, ó ń fa bàtìrì díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, ibi tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti máa ń tàn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sítáàtì. ACC kò tó; rédíò á sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bíréènì-bọ́ọ̀sì á sì ṣì máa sùn. Ní àkókò yìí, ẹ wò ó bóyá iná ṣẹ́kì-ẹ́ńjìnì tàn pẹ̀lú àwọn tó kù. Ó gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti lè yọ gílóòbù rẹ̀ kí mọ́tò lè wọ ojú ẹni tó ń rà á.

Lórí fóònù, ẹ tan Bluetooth, ẹ wá orúkọ bíi OBDII, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá béèrè nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀, 1234 ni ó sábà máa ń jẹ́, tàbí 0000. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí áàpù, ẹ lọ sí ibi ètò rẹ̀, ẹ yan orúkọ OBDII yẹn kan náà, kí ẹ tó tẹ Connect. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀: wọ́n ti so fóònù mọ́ sikánà, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún áàpù èyí tó máa lò. Ẹni tó ń lo ti Wi-Fi, kó pa dátà fóònù rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí fóònù máa ń sá kúrò lórí Wi-Fi tí kò bá rí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.

Kíka kóòdù, láìfọwọ́ kan Clear

Ẹ tẹ Diagnostic trouble codes tàbí Read Codes. P0171 á jáde. Ẹ jẹ́ ká tú u. P ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì tàbí jíà ni. 0 tó tẹ̀ lé e ń sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Bó bá jẹ́ 1 ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló fún un nítumọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ti Toyota gan-an. 1 tó kàn, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti epo ni. (Bí ẹ bá rí 3 níbẹ̀, púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń kàn, bó bá jẹ́ 7, jíà ni.) 71 ni nọ́ḿbà ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ohun tí áàpù máa kọ síwájú rẹ̀ ni System Too Lean Bank 1, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì pọ̀ ju epo tó yẹ kó bá a jóná lọ.

Ẹ tún wo ibi tí kóòdù náà bọ́ sí. Èyí tó wà lábẹ́ Stored tàbí Confirmed ni bíréènì-bọ́ọ̀sì ti dá lójú, òun ló tan iná. Èyí tó wà lábẹ́ Pending, ó ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ó ń wò ó bóyá á tún ṣẹlẹ̀. P0171 kì í tan iná ní ìrìn àkọ́kọ́. Ìrìn méjì tó tẹ̀ léra ló gbọ́dọ̀ ti hàn kí iná tó tàn. A máa padà sórí Pending yìí nígbà tí a bá tún un ṣe tán.

Bọ́tìnì Clear tàbí Erase wà nítòsí, ó sì ń wu ọwọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kóòdù á parẹ́, Freeze Frame náà á sì bá a lọ. Freeze Frame ló sì níyì jù lára ohun tí sikánà máa fún yín, torí òun ni bíréènì-bọ́ọ̀sì fi ya àwòrán ipò tí mọ́tò wà ní ìṣẹ́jú tó dá kóòdù sílẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ti Corolla wa rí báyìí:

```
DTC    P0171
RPM    720
SPEED  0 km/h
ECT    88 C
LOAD   24 %
STFT1  +9 %
LTFT1  +26 %
```

Ẹ fara balẹ̀ kà á. SPEED 0: mọ́tò dúró. RPM 720: ẹsẹ̀ ò sí lórí iná, ẹ́ńjìnì wà lórí sílóò. ECT 88: ẹ́ńjìnì ti gbóná dáadáa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ kùtù. Ìyẹn ni pé kì í ṣe orí òkè tàbí nínú eré ni kóòdù yìí ti wáyé. Ó lè jẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bàṣírì ní Adó-Èkìtì ni, tàbí níwájú ilé, nígbà tí wọ́n ń dúró de ẹnì kan. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ sọ́kàn.

STFT àti LTFT, níbi tí ẹjọ́ wà

Ẹni tó ń tẹ ẹ̀bà máa ń da gàárì sí omi títí tó fi máa le tó bó ṣe fẹ́. Bí omi bá pọ̀, á fi gàárì kún un. Bí bíréènì-bọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe epo àti afẹ́fẹ́ náà nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní MAF wà lẹ́nu páìpù afẹ́fẹ́, lẹ́yìn fíítà. Òun ló ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Bíréènì-bọ́ọ̀sì á wá fi epo tó bá a mu sí i. Nísàlẹ̀, lára páìpù sàlẹ́ńsà, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ń tọ́ èéfín wò, ó sì ń sọ bóyá epo pọ̀ tàbí kò tó. STFT ni àfikún tí bíréènì-bọ́ọ̀sì ń ṣe lójú ẹsẹ̀. LTFT ni àfikún tó ti di àṣà fún un láti ìgbà pípẹ́. Àmì + túmọ̀ sí pé ó ń fi epo kún un, àmì - pé ó ń dín in kù.

Wàyí, ká ní ẹnì kan dúró lẹ́yìn alásè, tó ń da omi sí ìkòkò láìjẹ́ kó rí i. Alásè á máa da gàárì, ẹ̀bà á sì máa rọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí afẹ́fẹ́ bá rí ihò wọlé lẹ́yìn MAF. Kò sẹ́ni tó wọn ọ́n, epo tó bá a mu ò sí níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ń pariwo, bíréènì-bọ́ọ̀sì sì ń fi epo kún epo títí dé ibi tí òfin rẹ̀ ní kó dúró, kó tan iná.

Ẹ ro STFT àti LTFT pọ̀ nígbà gbogbo. Mọ́tò tó dáa kì í ju láàárín -10 àti +10 lọ. Nínú àwòrán tí a gbà yẹn, 9 àti 26 jẹ́ 35. Ìyẹn pọ̀ gan-an.

Ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnì báyìí, ẹ jẹ́ kó gbóná títí ECT á fi kọjá 80. Ẹ pa AC. Ẹ fi jíà sí P, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ ṣí Live Data, ẹ yan RPM, STFT àti LTFT nìkan. Bí ẹ bá yan ogún nǹkan lẹ́ẹ̀kan, sikánà olówó pọ́ọ́kú á máa wọ́ bí ìgbín. Ẹ jẹ́ kó wà lórí sílóò fún ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ nọ́ḿbà. Ẹ wá rọra tẹná títí RPM á fi dé 2500, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ tún kọ nọ́ḿbà.

Lórí Corolla yìí, sílóò fún wa ní STFT +9 àti LTFT +24, àpapọ̀ 33. Ní 2500, STFT +1 àti LTFT +6, àpapọ̀ 7. Ìyàtọ̀ yìí ló ń dá ẹjọ́. Ihò kékeré kì í tóbi sí i torí pé ẹ tẹná. Lórí sílóò, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń mu kéré, nítorí náà èyí tó ń gba ihò wọlé jẹ́ ìpín ńlá nínú rẹ̀. Ní 2500, ẹ́ńjìnì ń mu ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìpín ti ihò sì di kékeré. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan tó sún mọ́ ẹ́ńjìnì. Ohun kan náà yìí ló dá sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn láre: ká ní òun ló kú ni, kì bá ti tẹ̀ lé ẹsẹ̀ yín, kó sọ̀kalẹ̀ láti 33 sí 7.

Bó bá jẹ́ òdìkejì lẹ rí, tí sílóò dára, tí nọ́ḿbà wá ń gòkè bí ẹ ti ń tẹná, tàbí tó ga jù nígbà tí mọ́tò bá ń gun òkè, ẹ má wá ihò. MAF tó dọ̀tí ni, tàbí pọ́ǹpù epo tó ti ń rẹ̀, tàbí fíítà epo tó ti dí. Eruku ọyẹ́ àti ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà wa ń dọ̀tí MAF kíákíá bí fíítà afẹ́fẹ́ kò bá jókòó dáadáa. Fún ẹ́ńjìnì 1.8 yìí, MAF tó dáa máa ń fi nǹkan bí 2 g/s hàn lórí sílóò. Òògùn tí wọ́n ń fọ́n sí MAF ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi aṣọ tàbí ìka kan wáyà inú rẹ̀, kò nípọn ju irun orí lọ.

Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mẹkáníìkì yín kí ó tó dárúkọ páàtì. Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. P0171 ló wà níbẹ̀. Lórí sílóò, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Bí mo bá tẹná dé 2500, ó ń wálẹ̀ sí méje. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo àwọn họ́ọ̀sì tó wọ maniifóòdù ná.” Bó bá ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ẹ fi nọ́ḿbà méjèèjì hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá ihò.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, ẹ tẹ́tí: ihò ńlá máa ń fẹ fììì. Ẹ ká apá aṣọ, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ tàbí gèlè sún mọ́ bẹ́líìtì àti fáànù. Họ́ọ̀sì tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni èyí tó ti orí ìdérí ẹ́ńjìnì, níbi tí fáálùfù kékeré PCV wà, lọ sínú maniifóòdù, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Èéfín ọ́ìlì ń gba inú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ọ́ìlì náà sì ń sọ rọ́bà di rírọ̀. Bí ẹ bá wò ó láti òkè, kò sí nǹkan kan. Abẹ́ ibi tó ti tẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀: bó bá dà bí awọ tó rin, tí ìlà dúdú kan sì ya bí ètè tó lanu nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tó tún pa ẹnu dé nígbà tí ẹ fi í sílẹ̀, ọwọ́ yín ti bà á. Èyí tó wà lórí Corolla yìí kò gùn ju èékánná ìka kékeré lọ.

Ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí fóònù jẹ́rìí. Kí ẹnì kan jókòó sínú mọ́tò, kó máa ka STFT sókè. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu púláyà, kí ẹ rọra fún họ́ọ̀sì náà pa nítòsí maniifóòdù, lẹ́yìn ibi tó ya. Bí +9 bá já wá sí 0 tàbí kó kọjá sí òdìkejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ibẹ̀ ni. Fún ibi tí púláyà kò lè dé, ẹ fi omi sínú ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi, ẹ fọ́n díẹ̀díẹ̀ sí ojúpọ̀. Ohùn ẹ́ńjìnì á yí bí omi bá dí ihò. Ẹ má fọ́n ọn sí kọ́ìlì àti wáyà. Àwọn kan máa ń fọ́n pẹtiróòlù tàbí òògùn kábúrétọ̀. Iná ń ti ibẹ̀ sọ lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, omi ti tó.

Bí họ́ọ̀sì yìí bá dára, ẹ wo èyí tó ń lọ síbi agbára bíréèkì, kí ẹ wá wo gásíkẹ́ẹ̀tì maniifóòdù. Ti ẹ́ńjìnì yìí máa ń le bó bá ti dàgbà. Ẹ fi èyí mọ̀ ọ́n: ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, nọ́ḿbà á ga; bó bá ti gbóná, á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ihò lára sàlẹ́ńsà, kó tó dé ibi sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, lè parọ́ fún sẹ́ńsọ̀ náà, torí afẹ́fẹ́ ìta ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ mú ògbólógbòó họ́ọ̀sì náà dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì, kí fífẹ̀ ihò rẹ̀ àti bó ṣe tẹ̀ lè bára mu. Họ́ọ̀sì omi lásán kò dára níbẹ̀, ọ́ìlì á jẹ ẹ́. Èyí tó gùn gbọọrọ á ká nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò sì ní jẹ́ kí èéfín kọjá. Ẹ fi kílíìpù sí orí méjèèjì. Súpà-gúlù àti téèpù kì í pẹ́ lórí rọ́bà tó ti mu ọ́ìlì.

Nígbà yìí ni kí ẹ wá tẹ Clear

Ẹ paná ẹ́ńjìnì, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà sí ON, ẹ tẹ Clear, ẹ gbà á nígbà tó bá béèrè bóyá ó dá yín lójú. Iná á kú. LTFT á padà sí 0, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti dára. Ẹ ti pa ìrántí rẹ̀ rẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó wà lórí sílóò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá wà á láti Adó gba Ìyìn àti Ìgèdè dé Aràmọ̀kọ, kí ẹ padà, kí sílóò, eré àti òkè lè wọ̀ ọ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì, ẹ tún rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ ka Pending. Bí P0171 bá wà níbẹ̀, ihò mìíràn kù. Bí Pending bá ṣófo, tí àpapọ̀ STFT àti LTFT lórí sílóò sì wà láàárín -10 àti +10, iṣẹ́ parí. Lórí Corolla yìí, +3 ló padà dúró sí.

Ohun tí Clear ń pa rẹ́ yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀. Ẹ ṣí I/M Readiness, ìyẹn àkójọ àyẹ̀wò tí bíréènì-bọ́ọ̀sì ń ṣe fúnra rẹ̀, lórí mọ́tò tí wọ́n ń tà fún yín. Bí púpọ̀ níbẹ̀ bá kọ Incomplete, ẹnì kan ti pa kóòdù rẹ́ tàbí yọ orí bàtìrì láìpẹ́. Àwọn mọ́tò kan tún ń fi Distance since codes cleared hàn, ìyẹn iye kìlómítà tí mọ́tò ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́. Bó bá jẹ́ 4 km, tí ẹni tó ń tà á sì ń búra pé iná ò tàn rí láti ọdún tó ti dé, ẹ béèrè ohun tó wà níbẹ̀ lánàá, tàbí kí ẹ ní ẹ máa wà á fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó sanwó.

Sikánà yìí kò ní rí ABS, kò sì ní rí éà-báàgì. Bí iná ABS tàbí SRS bá tàn, tí sikánà wá kọ No codes, kò purọ́. Ẹ́ńjìnì nìkan ló bá sọ̀rọ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà tó ní sikánà ńlá.